Bí a ṣe ń fèsì nígbà tí wọ́n bá dá àbá wa padà: lẹ́tà ẹgbẹ́ onígàrí kan ní Ìkọ̀lé-Èkìtì

Ẹ jẹ́ ká gbà pé ẹgbẹ́ kan wà ní Ìkọ̀lé-Èkìtì, obìnrin méjìlá, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ gàrí ṣíṣe. Wọ́n kọ àbá sí àjọ kan tó máa ń fún àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké lówó iṣẹ́. Ohun tí wọ́n tọrọ ni ẹ̀rọ kan tí yóò máa lọ ẹ̀gẹ́, jáàkì méjì tí wọn yóò máa fi fún omi rẹ̀ jáde, àti agbada ńlá mẹ́ta tí wọn yóò máa yan gàrí nínú rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦4,200,000, àbá náà sì jẹ́ ojú ewé mẹ́rìnlá. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ímeèlì wọlé sórí fóònù alága:

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ yín fún àbá tí ẹ fi ránṣẹ́. Àbá tó wọlé pọ̀ ju owó tó wà nílẹ̀ lọ, nítorí náà ìgbìmọ̀ wa kò lè fọwọ́ sí tiyín ní àkókò yìí. Ìgbìmọ̀ sọ pé ètò ìtọ́jú ẹ̀rọ lẹ́yìn ọdún kìíní kò yé wọn tó. Ètò tó ń bọ̀ yóò ṣí ní oṣù Kẹta."

Obìnrin kan tó jẹ́ òṣìṣẹ́ àjọ náà ló fọwọ́ sí i. Èsì tí alága yóò fún un kò gbọdọ̀ ju nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ lọ, ṣùgbọ́n inú ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ yẹn ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti máa ń ba ọ̀nà ara wọn jẹ́.

Kí ẹ tó tẹ ọ̀rọ̀ kankan

Ẹ kọ́kọ́ wo irú lẹ́tà tó jẹ́. Bí àdírẹ́sì tó fi wá bá ní `noreply` nínú, kò sí ẹni tó ń ka èsì níbẹ̀, ẹ má ṣe wá nọ́ńbà ẹnikẹ́ni kiri nítorí rẹ̀. Bí ẹnì kan bá fọwọ́ sí i ṣùgbọ́n tí kò sọ ìdí kankan, ìlà mẹ́ta ìdúpẹ́ ti tó, ẹ sì lè fi ìbéèrè kan kún un. Bí wọ́n bá sọ ìdí, bíi ti àwọn ará Ìkọ̀lé yìí, ẹ mọ̀ pé ẹnì kan ti ṣe ju ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ béèrè lọ. Ìdí yẹn gan-an ni èsì yín yóò dá lé.

"Ní àkókò yìí" kì í ṣe ìlérí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo lẹ́tà irú èyí ló ní in nínú. Ẹni tó bá dì í mú, tó wá kọ̀wé pé "ìgbà wo ni àkókò wa yóò wá dé?", ti sọ ọ̀rọ̀ ìkíni di ẹjọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí àbá tiyín gan-an, kí ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ní kò yé àwọn. Ìgbésẹ̀ yìí ni àwọn ènìyàn máa ń fò jù, òun ló sì ń mú kí inú rọ̀. Ohun tó máa kọ́kọ́ sọ sí alága lọ́kàn ni pé, "A sọ ọ́! Ó wà ní ojú ewé kọkànlá!" Ó ṣí ojú ewé kọkànlá. Ohun tó bá níbẹ̀ ni gbólóhùn kan: "Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni yóò máa tọ́jú ẹ̀rọ náà." Kò sí orúkọ mẹkáníìkì kankan, kò sí iye tí wọn yóò máa yà sọ́tọ̀ fún bẹ́líìtì, béárìn àti ọ́ìlì ẹ́ńjìnì, kò sì sí ohun tí wọn yóò ṣe bí ẹ́ńjìnì bá kọṣẹ́ lásìkò tí ẹ̀gẹ́ pọ̀. Àjọ tó ń fowó sílẹ̀ ti rí ẹ̀rọ púpọ̀ tó dìpẹtà lẹ́yìn gbọ̀ngàn ìlú. Ìbéèrè wọn tọ́. Bí ẹ bá tilẹ̀ rí i pé ẹ ti ṣàlàyé rẹ̀ kúnná, ohun tí èyí fi hàn ni pé ẹni tó kà á kò rí i, ibi tí ẹ fi í sí ni ẹ óò yí padà. Kì í ṣe ohun tí ẹ óò fi lẹ́tà bá wọn jiyàn lé lórí.

Ní ti àkókò, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ kan ṣú kó sì tún mọ́. Lẹ́tà ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú ni kí èsì rẹ̀ lọ, láàárọ̀. Èsì tó bá lọ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá máa ń gbóná, kódà bí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bá tutù, nítorí ẹni tó gbà á yóò wo aago. Èsì tó bá sì pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ kan lọ yóò bá òṣìṣẹ́ náà níbi tó ti gbàgbé àbá yín, ìbéèrè yín yóò wá di iṣẹ́ fún un.

Ẹ sọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kí èsì tó jáde. Ẹni kan ṣoṣo, ẹni tó fọwọ́ sí àbá, ni kó dáhùn. Bí àwọn mọ́kànlá yòókù bá gbọ́ ọ lẹ́nu ará ìta, ẹnì kan nínú wọn yóò bọ́ sórí fóònù lọ bá àjọ náà "yanjú ẹ̀".

Ibi tí ẹ óò ti kọ ọ́

Ẹ kọ ọ́ síbòmíràn, nínú ìwé tàbí níbi tí ẹ máa ń kọ àkọsílẹ̀ sí lórí fóònù. Bí ẹ bá kọ ọ́ sábẹ́ lẹ́tà wọn tààrà, àdírẹ́sì wọn ti wà lórí rẹ̀, ìka kan ṣoṣo tó bá ṣì í tẹ̀ ti tó láti fi àkọ́kọ, ìyẹn ohun tí ẹ kọ́kọ́ kọ tí ẹ kò tíì tún ṣe, ránṣẹ́. Bí ẹ bá ń lo Gmail lórí kọ̀ǹpútà, ẹ wọ `Settings`, ẹ tẹ `See all settings`, ní abẹ́ `General` ẹ óò rí `Undo Send`. Ẹ fi sí 30, kí ẹ sì tẹ `Save Changes` nísàlẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá 30 yẹn kéré, àmọ́ ó tó láti rántí pé orúkọ tí ẹ kọ kì í ṣe orúkọ ẹni tó kọ̀wé sí yín.

Nígbà tó bá tó láti fi ránṣẹ́, `Reply` ni kí ẹ tẹ̀, kì í ṣe `Reply all`. Ẹ má sì ṣí lẹ́tà tuntun. Inú okùn lẹ́tà kan náà ni kó wà, kí òṣìṣẹ́ náà lè rí àbá àti ìpinnu nísàlẹ̀ láìwá a kiri.

Àkọ́kọ, àti ibi tí ìkorò máa ń fara pa mọ́ sí

Ẹ wo ohun tí alága kọ́kọ́ kọ:

"Ẹ̀yin ọ̀gá wa, a ti rí lẹ́tà yín. Kò burú. A kúkú mọ̀ pé owó kò lè kárí gbogbo ènìyàn. Oṣù mẹ́ta gbáko la fi ṣe àbá yìí, ṣebí a sì ṣàlàyé ètò ìtọ́jú ẹ̀rọ tí ẹ ní kò yé yín ní ojú ewé kọkànlá. A gbàdúrà kí Ọlọ́run bùkún àwọn tí ẹ mú. Ìgbà kì í lọ bí òréré. Ẹ ṣé gan-an ni o."

Kò sí èébú kankan níbẹ̀. Bí ẹ bá bi alága, yóò ní ọ̀rọ̀ ìrẹ̀lẹ̀ lòun kọ. Síbẹ̀ kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò kà á tí kò ní mọ̀ pé inú ń bí i. Ní èdè wa, ìbínú kì í sábà gbé inú ọ̀rọ̀ ńlá, inú ọ̀rọ̀ kéékèèké ló ń gbé.

"Kúkú" ni àkọ́kọ́. "A mọ̀ pé owó kò lè kárí" jẹ́ òye. "A kúkú mọ̀" túmọ̀ sí pé a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹ kò ní mú wa. "Ṣebí" burú jù ú lọ, nítorí ìbáwí ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá sọ fún yín pé "ṣebí mo ti sọ fún ẹ" kò wá yín wá fún ìkíni. Ẹ fi "ṣáà" àti "wulẹ̀" kún wọn: "ẹ ṣáà ti pinnu", "a wulẹ̀ ní ká dánwò ni". Ẹ wá àwọn ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí nínú àkọ́kọ yín lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ yọ wọ́n. Bí gbólóhùn náà bá ṣì dúró láìsí wọn, ẹ fi í sílẹ̀. Bí kò bá ní ìtumọ̀ mọ́, a jẹ́ pé ìkorò nìkan ló wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí gbogbo rẹ̀ máa lọ. "Gbáko" náà wà nínú ẹgbẹ́ yìí, nítorí ìgbà téèyàn bá ń ka gbèsè lọ́rùn ẹlòmíràn ló máa ń sọ pé "oṣù mẹ́ta gbáko".

"Kò burú" yẹ fún ọ̀rọ̀ ẹnu, tí ojú àti ohùn yóò fi bá a ṣàlàyé. Lórí ìwé, ó dà bí ìgbà tí èèyàn kẹ̀yìn sí ẹni. "A gba kámú" kò sàn jù ú lọ, torí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ là ń sọ pé kó gba kámú, ó sì sọ òṣìṣẹ́ àjọ náà di ẹni tó ṣe yín ní ibi. Ohun tó yẹ níbẹ̀ ni "A gba ìpinnu yín." Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré, kí àmì ìdánudúró tẹ̀ lé e. Ẹ má fi "ṣùgbọ́n", "àmọ́" tàbí "síbẹ̀" sí ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí ohun tó bá tẹ̀ lé wọn ni òǹkàwé yóò gbà pé ẹ ní lọ́kàn.

Àdúrà ńkọ́? Àdúrà ni ibi ìsápamọ́ tó dára jù fún ìbínú Yorùbá. "Kí Ọlọ́run bùkún àwọn tí ẹ mú" dára ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nínú lẹ́tà yìí, ó ń tọ́ka sí àwọn tí wọ́n mú, ìfiwéra sì ti wọ̀ ọ́. "Ọlọ́run mọ ohun gbogbo" àti "Ọlọ́run ń rí wa" kúrò ní àdúrà, wọ́n ti di ìpè sí kóòtù. Òfin tó rọrùn ni pé kí ẹ má dárúkọ àwọn tó borí rárá, ì báà jẹ́ fún ire.

Òwe ni ó kù. "Ìgbà kì í lọ bí òréré" jẹ́ òwe tó dára, ṣùgbọ́n bí ẹni tí wọ́n kọ̀ bá pa á fún ẹni tó kọ̀ ọ́, ohun tó ń sọ ni pé ọjọ́ mìíràn ń bọ̀ tí ipò yóò yí padà. Ẹ má pa òwe kankan nínú lẹ́tà yìí. A mọ̀ pé èyí nira fún Èkìtì tó dàgbà.

Ní ti "ẹ ṣé gan-an ni o" tó parí rẹ̀, ìdúpẹ́ tó pọ̀ ju ohun tí a gbà lọ máa ń dún bí ẹ̀gàn. Ẹ dúpẹ́ fún ohun kan tí wọ́n ṣe ní tòótọ́, ẹ dárúkọ ohun náà, ẹ má tún un sọ.

Lẹ́tà tó jáde

Ohun mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, bí wọ́n ṣe tò yìí: ìdúpẹ́ fún ohun kan pàtó, gbígba ìpinnu, ìbéèrè kan, àti ohun tí ẹ óò ṣe tó kàn. Bí alága ṣe tún un kọ nìyí:

"Ẹ káàárọ̀ o, mà. A rí lẹ́tà yín ti ọjọ́ Ajé lórí àbá ẹ̀rọ gàrí wa. A dúpẹ́ pé ẹ sọ ibi tí kò yé ìgbìmọ̀ fún wa. A gba ìpinnu yín.

"Ìbéèrè kan la ní. Lórí ìtọ́jú ẹ̀rọ lẹ́yìn ọdún kìíní, ṣé iye owó tí a óò máa yà sọ́tọ̀ ni ìgbìmọ̀ fẹ́ rí, tàbí ẹni tí yóò máa tún un ṣe, tàbí méjèèjì? Bí kò bá sí àyè láti dáhùn, kò sí wàhálà.

"A ó tún àbá náà kọ, a ó sì fi ránṣẹ́ nígbà tí ètò bá ṣí ní oṣù Kẹta. Ẹ bá wa kí ìgbìmọ̀."

Orúkọ alága, orúkọ ẹgbẹ́, Ìkọ̀lé-Èkìtì àti nọ́ńbà fóònù kan ló tẹ̀ lé e.

Ìbéèrè yẹn ni kí ẹ fara balẹ̀ wò. "Kí ló dé tí ẹ kò mú wa?" máa ń jẹ́ kí òṣìṣẹ́ wá ọ̀rọ̀ fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀, kò sì ní dáhùn. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ gbogbo àṣìṣe wa fún wa" yóò gba wákàtí méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tí alága bi í, ọ̀rọ̀ kan ló lè fi dáhùn: "méjèèjì". Ọ̀rọ̀ àná kọ́ ló wà nínú rẹ̀, ti oṣù Kẹta ni, ó sì fi hàn pé ẹgbẹ́ náà ti padà lọ ka ojú ewé kọkànlá láìsọ ọ́ jáde. Ìbéèrè kejì yóò ba àkọ́kọ́ jẹ́, torí èyí tó rọrùn nínú méjèèjì nìkan ni wọn yóò dáhùn.

Bí lẹ́tà tiwọn bá wá ní Gẹ̀ẹ́sì, Gẹ̀ẹ́sì ni kí ẹ fi dáhùn, pẹ̀lú ètò mẹ́rin kan náà. Ẹ dín ìkíni kù, kí ẹ má sì gbé àdúrà ìparí wọ inú rẹ̀.

Ẹ ka èyí tó jáde yìí sókè fún ẹnì kan tí kò mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà. Ẹ má sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ẹ kàn bi í pé, "Báwo ni inú ẹni tó kọ èyí ṣe rí?" Bí ó bá ní "ó jọ pé nǹkan dùn ún", ẹ ní kó fi ìka tọ́ka sí ibi tó ti gbọ́ ọ.

Lẹ́yìn tó ti lọ

Bí òṣìṣẹ́ bá dáhùn, ó ṣeé ṣe kí ìdáhùn rẹ̀ le ju lẹ́tà àkọ́kọ́ lọ, nítorí ẹ ti ṣílẹ̀kùn fún un. Bóyá yóò ní: "Méjèèjì. Ìgbìmọ̀ sì rò pé iye agbada tí ẹ kọ ti pọ̀ jù fún ẹ̀rọ kan." Ìdánwò gidi nìyí, torí alága mọ̀ pé agbada mẹ́ta kò pọ̀ jù: bí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti fún bá pẹ́ nílẹ̀ jù kí wọ́n tó yan án, gàrí yóò kan ju bí oníbàárà ṣe ń fẹ́ lọ. Kò gbọdọ̀ ṣàlàyé rẹ̀ nínú èsì. Ìlà kan ló tó: "Ẹ ṣeun, mà. A ó mú ohun méjèèjì yìí lò nínú àbá tuntun." Inú àbá oṣù Kẹta ni àlàyé agbada yóò wà, níbi tí gbogbo ìgbìmọ̀ yóò ti kà á.

Bí kò bá dáhùn, ẹ lè rán an létí lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, pẹ̀lú gbólóhùn méjì. Kò gbọdọ̀ sí lẹ́tà kẹta.

Ibi tí ìkorò tún máa ń jò jáde sí ni Wọ́sáàpù. Alága ti kọ lẹ́tà tó tutù, akọ̀wé ẹgbẹ́ wá fi "wọ́n ti mọ ẹni tí wọ́n fẹ́ fún tẹ́lẹ̀" sórí sítátọ́ọ̀sì rẹ̀. Èkìtì kò tóbi. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Adó lè ní àbúrò ní Ìkọ̀lé, wọ́n sì lè jọ pàdé níbi òkú àgbà kan lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Nítorí bẹ́ẹ̀ náà, ẹ má ṣe gba ọ̀dọ̀ ará ìlú kan lọ bá ọ̀gá òṣìṣẹ́ yẹn sọ̀rọ̀, ẹ má sì ní kí Kábíyèsí bá yín kọ lẹ́tà. Òṣìṣẹ́ náà yóò gbọ́, ó sì ṣeé ṣe kó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ka àbá yín lóṣù Kẹta.

Bí ẹ bá pàdé rẹ̀ lójú, ẹ kí i bí ẹ ṣe ń kí ẹnikẹ́ni, ẹ má dárúkọ àbá bí òun kò bá dárúkọ rẹ̀. Ohun kan wà tó yẹ kí àwa Èkìtì fiyè sí nígbà tí a bá ń fẹnu sọ̀rọ̀. Láwọn ìlú wa kan, àwa àti àgbà lè máa pe ara wa ní "o" láìsí ìwọ̀sí kankan nínú rẹ̀. Ọmọ Ọ̀yọ́ tàbí Ìbàdàn tó bá gbọ́ ọ lórí fóònù, lẹ́yìn tó ti dá àbá yín padà, yóò rò pé ìbínú ló sọ "ẹ" di "o". Nínú ọ̀rọ̀ yìí, "ẹ" ni kí ẹ máa lò títí dé òpin, ì báà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún.

Ibì kan wà tí gbogbo èyí kò ti wúlò. Bí ohun tí ẹ fi ránṣẹ́ bá jẹ́ tẹ́ńdà sí iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, tí ẹ sì ní ẹ̀rí pé wọ́n rú òfin, òfin Public Procurement Act ti ọdún 2007, èyí tó ń darí bí ìjọba ṣe ń gbé iṣẹ́ jáde, fún yín ní ọjọ́ iṣẹ́ 15, láti ọjọ́ tí ẹ mọ̀, láti fi ẹ̀sùn yín ránṣẹ́ sí olórí tó ń bójú tó owó iléeṣẹ́ náà. Lẹ́tà ọ̀tọ̀ nìyẹn, ẹ̀rí ni ẹ óò kó sínú rẹ̀. Ẹ má fi ẹ̀sùn sínú lẹ́tà ìdúpẹ́, ẹ má sì fi ìdúpẹ́ bo ẹ̀sùn mọ́lẹ̀.

Ní ti àwọn ará Ìkọ̀lé, alága tẹ lẹ́tà wọn, èsì tirẹ̀ àti ìdáhùn "méjèèjì" sórí ìwé, ó fi wọ́n sínú fáìlì pẹ̀lú àbá náà. Ojú ewé kọkànlá ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ àtúnkọ: ₦15,000 lóṣù láti inú owó gàrí fún bẹ́líìtì, béárìn àti ọ́ìlì, orúkọ mẹkáníìkì tó wà nítòsí, àti ìwé kékeré tí yóò fọwọ́ sí pé òun yóò dé láàárín ọjọ́ méjì tí wọ́n bá pè é.